Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Èjìká Mi

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, Ẹ̀pẹ́ ló sì wọlé ọkọ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ẹ múra sílẹ̀ o, ẹ máa tó di ìyá àgbà." Orí àga ni mo wà, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo jó yí tábìlì po, mo jó dé ẹnu ọ̀nà, mo jó padà. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a háyà ní Ìkòròdú sáré jáde, ó rò pé ejò ló wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìwọ bàtà.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti ní ìsinmi mọ́. Inú mi ń dùn débi pé mo ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì; ìwé kíkà àti lẹ́tà kíkọ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé n kò ní sùúrù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ dúró de ọmọ tó ṣì wà nínú?

Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀ṣun níbi tí mo ti wá, ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé omi àti ọṣẹ lásán ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ lé ojúgun, á fi kànrìnkàn rírọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà á jù ú sókè díẹ̀ kí ó má baà di ojo. Tó bá tán, á pọ̀n ọ́n títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ìyá mi ló ṣe é fún ọmọ mi. Mo jókòó sórí ibùsùn lọ́jọ́ náà, mo ń wò ó, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò kàn mí.

Ẹni kan ṣoṣo ló lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi, òun ni àna mi, ìyá ọkọ ọmọ mi. Àlhájà ni, ó ń ta ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́, ó bí mẹ́fà, ó sì wẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra rẹ̀. Obìnrin gidi ni, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ mi. Bí mo bá fi ọjọ́ kan pẹ́, tàbí bí ara mi bá ṣe bákan, òun ni yóò jókòó sórí àpótí, èmi yóò sì máa gbé omi wá bí àlejò. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn ju bó ṣe yẹ kó jẹ àgbàlagbà lọ́kàn lọ.

Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí ọmọ mi bí nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó lọ ra ẹrù ọmọ. Mo ra fìlà, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tí kò tó àtàǹpàkò mi, mo ra aṣọ òtútù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò nílò nínú ooru ilẹ̀ yìí. Nígbà tí a padà dé Ìpakodò ní Ìkòròdú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá tó gbé òrùlé ọkọ̀ náà dúró mú, ọwọ́ òsì gbé báàgì, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé èbúté. Ìgbà náà gan-an ni ọkọ̀ mìíràn kọjá, omi ru, ọkọ̀ wa sún kúrò. Ẹsẹ̀ mi wà lórí èbúté, ọwọ́ mi wà lára ọkọ̀. Ó fa apá mi sókè kọjá orí, mo sì gbọ́ "pà" nínú èjìká mi, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ dì mí mú. "Màmá, ẹ ju báàgì yẹn sílẹ̀!" ni wọ́n ń pariwo. N kò jù ú sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n jù ú sómi!

Mo délé, mo dákẹ́. N kò sọ fún ọmọ mi, nítorí a kì í fi ọ̀rọ̀ ìrora dẹ́rù ba aboyún. N kò sì ní sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ lè gba ẹnu rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àlhájà. Bí wọ́n bá ní "Ara ńkọ́?" mo ní "A dúpẹ́." Báyìí ni a ṣe tọ́ wa, ẹni tí iná ń jó nídìí pàápàá, a dúpẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ojúlùmọ̀ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹlégungun kan ní Ìmọ́tà, tó ń to egungun tó bá ṣẹ́. Bàbá náà fi aṣọ gbígbóná jó èjìká mi, ó fi òrí pa á, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo ké tí àwọn adìyẹ àgbàlá sá. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú, àìmọye àgbẹ̀ tí egungun wọn ṣẹ́ ló ti tò tí wọ́n padà sóko. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni apá mi kò ti lè dé orí mọ́, n kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló tú àṣírí. Ó rí i pé apá òsì ni mo nà sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni mo máa ń nà tẹ́lẹ̀. Ó bi mí léèrè títí mo fi jẹ́wọ́. Ó ní kí n lọ rí físíò, àwọn tí ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ wo iṣan àti oríkèé ara tó bá bà jẹ́. Ó bá mi pe ọ̀kan ní ilé ìwòsàn kan nínú Ìkòròdú, wọ́n fún mi ní ọjọ́, ó sì fún mi ní nọ́ńbà físíò náà. "Ẹ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù kí ẹ tó lọ," ló wí, "kó lè mọ̀ bóyá àyẹ̀wò kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe."

Lẹ́tà kíkọ! Èmi ni wọ́n ń sọ lẹ́tà kíkọ fún! Mo délé, mo fi awò sójú, mo jókòó, mo fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilé ìtajà ọ̀kánkán fi palẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ rèé:

"Dókítà mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìlú, ẹ kú làálàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí wa sí di òní. Mo lérò pé àlàáfíà ni ẹ wà àti gbogbo ìdílé yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, a dúpẹ́, ara ń le. Kìkì pé apá ń dà mí láàmú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sàn. Àgbà sì bọ̀, wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Olúwa yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mọ́ mi létí. Mo fi ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni èsì dé. Ọmọdébìnrin ni físíò náà, mo rí fọ́tò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó kéré sí ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣé gan-an, lẹ́tà yín dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n apá wo ni, mà? Kí ló ṣe é, ọjọ́ wo sì ni? Kí ni ẹ ò lè fi ṣe mọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sì tíì sàn, ẹ má sọ pé ó ti ń sàn."

Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí kí n má baà rí i. Ọmọ àná! Ó fẹ́ kọ́ mi ní lẹ́tà! Mo gbálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, mo fọ àwo tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo yọ fóònù jáde, mo tún lẹ́tà mi kà, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tó mú bírò pupa lọ́wọ́. Mo wá bóyá apá ọ̀tún ni tàbí òsì; n kò rí i. Mo wá ọjọ́, kò sí. Ikú wà níbẹ̀, ìdílé dókítà wà níbẹ̀, èjìká kò sí níbẹ̀. Ká ní ọmọ kíláàsì mi kan ló kọ ọ́ fún mi, méjì nínú mẹ́wàá ni ǹ bá fún un, ọ̀kan fún ìwà ọmọlúàbí, ọ̀kan fún fúlísítọ́ọ̀pù.

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìrora fi mú mi léjìká. Mo bá kọjá sí yàrá tó kọjú sí tèmi, mo ní, "Aládùúgbò, ẹ wá ràn mí lọ́wọ́, mo fẹ́ wádìí ohun tí apá yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe."

Ọjọ́ náà dùn ju ọjọ́ ọdún lọ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yá mi bí ẹni tó ń wá olè. A gbé ife tíì, apá gbé e. A gbé kẹ́tùlù tó kún, kò gbé e. Mo dé ibi okùn aṣọ, n kò lè sá aṣọ ìnujú pàápàá. Mo gbìyànjú láti kọ́ kọ́mú lẹ́yìn, aládùúgbò mi ní, "Ẹ fi sílẹ̀ o, kí á má pe ọkùnrin wá tú yín!" Mo fọwọ́ wá ibi tó ń dùn gan-an, ó wà ní iwájú àti ẹ̀gbẹ́ èjìká, kò dé ìgbúnwọ́. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti ń gbé ìrora náà kiri, n kò bi í léèrè ibi tó ń gbé.

Lẹ́yìn náà aládùúgbò mi di ọrùn ọwọ́ mi mú jẹ́jẹ́, ó ní kí n fi apá náà sílẹ̀ fún òun kí n má ràn án lọ́wọ́. Ó gbé e sókè. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé ẹ̀gbẹ́ etí mi. Mo pariwo pé, "Ó ti dé òkè! Ó ti sàn!" Ó ní, "Ó dáa, ẹ gbé e dúró níbẹ̀." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Apá mi já wálẹ̀ bí aṣọ tí okùn rẹ̀ já. Ẹ̀rù bà mí, kí n má tan ara mi jẹ.

Mo jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, aládùúgbò mi kà á láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹ ò kọ Ìmọ́tà sí i."

"Kò kan físíò."

"Ta ló wá kàn?"

Òtítọ́ ni pé ojú ń tì mí. Àwọn ará ilé ìwòsàn máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlégungun, àwa náà sì máa ń fi í pamọ́ fún wọn. Gbogbo wa la ń ṣe é. A ó lọ, a ó fà, a ó jó o, a ó dé ọ̀dọ̀ dókítà, a ó ní a ò tíì lo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti ń na ọmọ tó bá fo ìlà nínú àpèkọ rí, mo sì mọ̀ pé ìlà tí mo fẹ́ fò yìí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i. Bí lẹ́tà náà ṣe rí nígbà tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ káàsán. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí. Èjìká ọ̀tún ni, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì ń lò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, mo di ọkọ̀ ojú omi mú, ọkọ̀ náà sún kúrò, ó fa apá mi sókè kọjá orí. N kò ṣubú. Mo gbọ́ ìró kan nínú èjìká. Kò sí ohun tó ṣe é kó tó di ọjọ́ yẹn. Ìrora náà wà ní iwájú àti ẹ̀gbẹ́ èjìká, kò dé ìgbúnwọ́. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ìrora náà tó méjì nínú mẹ́wàá. Bí mo bá fẹ́ gbé apá, ó di mẹ́jọ. N kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Mo lè gbé ife tíì bí ìgbúnwọ́ bá lẹ̀ mọ́ ara. N kò lè gbé kẹ́tùlù, n kò lè sá aṣọ, ọwọ́ kò dé orí, kò sì dé ẹ̀yìn. Bí èmi fúnra mi bá gbé apá náà, kò kọjá àyà. Bí ẹlòmíràn bá gbé e fún mi, ó dé etí, ṣùgbọ́n bó bá fi í sílẹ̀, ó já wálẹ̀. Ẹlégungun ti fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó burú sí i, ìka mi sì ń jó mí wìnnìwìnnì fún ọjọ́ méjì. Ìyẹn ti lọ. Kò wú, kò gbóná, n kò ní ibà. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń lo oògùn rẹ̀. N kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo tún ń lo oògùn ìrora tí mo rà ní kẹ́mísì, fọ́tò páálí rẹ̀ nìyí. N kò tíì ya èkísírè. Ohun tí mo fẹ́ fi apá náà ṣe: ọmọ mi máa bí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Mo fẹ́ wẹ ọmọ náà, mo sì fẹ́ pọ̀n ọ́n."

N kò kí i kú iṣẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò kí i.

Kò pé wákàtí kan tó fi dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. "Háà, mà! Ẹ ṣé o! Ká ní gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́ báyìí! Ẹ gbọ́ mà, mo ti fẹ́ fi yín sí ara àwọn tí èjìká wọn gan, tí a máa ń nà. Ṣùgbọ́n èjìká tó bá gan kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn. Tiyín gbà kí wọ́n gbé e, ẹ̀yin ni ẹ ò lè gbé e. Ó jọ pé iṣan tó ń gbé apá ló ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á mọ́. Ẹ má bínú sí ara yín nípa ẹlégungun, inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́. Ẹ wá gba ìwé lọ́la kí ẹ ya èkísírè, ká lè mọ̀ pé egungun ò ṣẹ́, kí ẹ sì ṣe síkáànù èjìká kí ọjọ́ yín tó pé. Oògùn kẹ́mísì yẹn, irú rẹ̀ máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ dá a dúró ná, kí ẹ fi han dókítà yín. Bí ìka bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí ọwọ́ bá tutù, ẹ má dúró dè mí o, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Iṣan ló ya! Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn sí ìròyìn burúkú. Ṣùgbọ́n ó ti ní orúkọ, ohun tó bá sì ti ní orúkọ, a lè pè é kó dáhùn. Mo tún jó yí tábìlì po, pẹ̀lú apá kan.

Èkísírè fi hàn pé egungun pé. Síkáànù fi hàn pé iṣan kan ya, kò já tán. Dókítà egungun wò ó, ó ní ká fi eré ìdárayá gbìyànjú ná kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ọ̀bẹ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ físíò lọ́jọ́ tí a dá, lẹ́tà mi ni mo bá lórí tábìlì rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ti fa ìlà sí abẹ́ àwọn gbólóhùn kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè iye máàkì tí mo gbà. Kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ kan ibi tó yẹ kó kàn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi láti gbé aṣọ ìnujú sórí tábìlì kí n máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu tábìlì. Èmi tí mo ti ń nu tábìlì láti kékeré, n kò mọ̀ pé oògùn ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, apá mi dá gbé ara rẹ̀ dé èjìká. Mo ké "Yéè!" àwọn aláìsàn tó kù sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo bá bi físíò léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. "Ọmọ ńkọ́?"

Ó jókòó tì mí. "Mà, ẹ lè gbé ọmọ mọ́ àyà. Ẹ lè jókòó fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá a ṣe. Ẹlòmíràn ló máa gbé e lé yín lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gbé e kúrò. Jíjù sókè, rárá o, ìyẹn ò tiẹ̀ dáa fún ọmọ tuntun kankan. Tó bá di pípọ̀n, kí ẹlòmíràn gbé e sí yín lẹ́yìn, ẹ̀yin á kàn so ọ̀já níwájú, ìyẹn náà di oṣù tó ń bọ̀. Ta ni ẹ jọ máa wà níbẹ̀?"

"Àna mi."

"Ẹ fi lẹ́tà yín hàn wọ́n."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ tàkọ́kọ́, mà." Ọmọdébìnrin náà ní láákàyè, ìdí nìyí tó fi ń bí mi nínú.

Mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Àlhájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. A kí ara wa bí àwọn àna ṣe ń kí ara wọn, ó kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ọmọ mi wà nínú yàrá, ó ń sùn. Mo na fóònù sí Àlhájà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nǹkan yìí."

Ó gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀. Ó dá a padà fún mi. "Ẹ kà á sí mi létí, Ìyá Ìyàwó."

Mo kà á. Apá tí kò dé orí, kẹ́tùlù, Ìmọ́tà, ohun gbogbo. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní mo fẹ́ wẹ ọmọ náà, mo dúró. Mo ń retí kó ní, "Ẹ sinmi, èmi á wẹ̀ ẹ́." Mo ti múra ìbínú sílẹ̀ dè é.

Àlhájà di ọwọ́ òsì mi mú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Alhamdulillah. Ẹ sì ń bọ̀ náà?"

"Mo ń bọ̀."

"Alhamdulillah," ló tún wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti ń gbàdúrà kí nǹkan kan má dá yín dúró. Ìyá Ìyàwó, mi ò ríran mọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ ẹja lọ́jà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú ilé yìí. Wọ́n ń sọ pé èmi tí mo wẹ mẹ́fà, èmi ni màá kọ́ wọn. Mo ń rò ó pé bí mo bá wẹ ọmọ yẹn, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, tàbí ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi, kí ni mo máa sọ?"

Ojú tì mí. Oṣù bíi mélòó ni mo ti ń bá obìnrin yìí jà nínú ọkàn mi lórí àpótí kan, òun sì ń fi àdúrà fà mí wá sórí rẹ̀. Mo ṣí fóònù mi, mo ní, "Ojú méjèèjì ni, àbí ọ̀kan? Láti ìgbà wo?" A kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ fún àwọn dókítà ojú. Ó fẹ́ kọ́kọ́ fi "a dúpẹ́" sí i, mo ní rárá. Wọ́n yẹ ojú Àlhájà wò, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn tí ọmọ bá dé kí àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ sí i.

Ọmọ dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Jímọ̀, obìnrin. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé láti ilé ìwòsàn, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀. Ọmọ mi gbé e lé mi lójúgun. Àlhájà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń darí ọwọ́ rẹ̀: "Síhìn-ín, ẹ dà á díẹ̀, ó tó." Èjìká mi ń dùn díẹ̀, méjì nínú mẹ́wàá. Ọmọ náà ké, ó dákẹ́, ó la ojú. Ìyá mi wá sí mi lọ́kàn, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi kò dúró.

Àlhájà fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó rọra ní, "Báwo ló ṣe rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo ní irun rẹ̀ kún, ó dúdú, ó wálẹ̀ dé iwájú orí. Ojú rẹ̀ tóbi, ọ̀tún ti là ju òsì lọ. Ètè òkè rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń fà á mu bí ẹni tó ti rí ọmú. Àmì dúdú kékeré kan wà ní ẹ̀yìn etí òsì. Ó pọ́n díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. "Imú rẹ̀," mo ní, "Àlhájà, ẹ má bínú, tiyín ni."

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo omi inú abọ́ fi dà sí mi lẹ́sẹ̀.